Èrè Ọlọ́jà Tí Kò Kọ Ìwé: Bí A Ṣe Ń Wá A Láti Inú Dúkìá Àti Gbèsè

Ní Ìkọ̀yà àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ó wọ́pọ̀ láti rí obìnrin tó ti ń ta epo pupa àti púpurú láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ó mọ iye tó ra kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ó mọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó láì wo ìwé kankan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í pé, "Ìyá, èló lẹ jẹ lérè lọ́dún tó kọjá?", á rẹ́rìn-ín, á ní, "À ń jẹ, à ń mu, a dúpẹ́." Ìdáhùn yẹn kì í ṣe ti aláìmọ̀kan o. Kò kọ ohun tó ń tà lójoojúmọ́ sílẹ̀, kò kọ ohun tó ń ná, nítorí náà kò sí ibi tí yóò ti ṣà wọ́n jọ.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìṣirò owó á rántí pé ọ̀nà kan wà tí a fi ń rí èrè irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ láì ní àkọsílẹ̀ títà àti rírà. Ó wà nínú ohun tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń kọ́ fún ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń há a sórí, wọ́n ń gba máàkì, wọn ò sì lè ṣe é fún ìyá tiwọn. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rí náà á sì lè bá wa lọ.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín èrè àti ojú owó. Ẹni tó ń jẹ èrè, òwò rẹ̀ á dúró. Ẹni tó ń jẹ ojú owó, ọjọ́ ń bọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù á ṣófo. Gbogbo ìṣirò yìí dá lórí ìyàtọ̀ yẹn.

Ojú owó ọlọ́jà ní ọjọ́ kan pàtó ni gbogbo dúkìá òwò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo gbèsè òwò kúrò nínú rẹ̀. Tí a bá mọ ojú owó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí a sì mọ̀ ọ́n ní ìparí ọdún, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ti fẹ́ẹ̀ jẹ́ èrè. Mo ní "fẹ́ẹ̀", nítorí ohun méjì máa ń da ìyàtọ̀ náà rú. Èkíní ni ohun tí ọlọ́jà yọ jẹ láàárín ọdún: owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé ọmọ, ọjà tó gbé lọ sílé. Èrè ni wọ́n kí wọ́n tó jáde, a gbọ́dọ̀ dá wọn padà sínú ìṣirò. Èkejì ni owó tuntun tó wọlé látìta, tí kì í ṣe òwò ló pa á, bí owó tí ọmọ fi ránṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe èrè, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

Nítorí náà, báyìí ni ìṣirò náà ṣe rí:

Èrè = ojú owó ìparí − ojú owó ìbẹ̀rẹ̀ + ohun tí ọlọ́jà yọ jẹ − owó tuntun tó fi kún un

Tí ohun tó jáde bá wà lábẹ́ òdo, àdánù nìyẹn.

Kíka dúkìá kí a tó ṣe ohunkóhun kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Nígbà tí Lúkà Pasíólì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Fẹ́nísì ní ọdún 1494, tó ṣàlàyé ọ̀nà ìkọ̀wé owó tí a ń lò kárí ayé báyìí, ohun tó kọ́kọ́ ní kí oníṣòwò ṣe ni pé kó ka gbogbo ohun tó ní àti gbogbo ohun tó jẹ, kó kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé mìíràn ṣì lè ṣe èyí, ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ̀ẹ̀kan ní ìparí.

Ìyá elépo kan ní Ìkọ̀yà

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ìyá elépo kan ní Ìkọ̀yà. Èmi ni mo fi àwọn iye owó yìí lélẹ̀, kí ìṣirò lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Ó máa ń ra epo lọ́wọ́ àwọn tó ń fún un ní abúlé, ó ń fi ọ̀kadà kó o wálé, ó ń tà á fún àwọn oníbàárà láti Òkìtìpupa àti Ìgbọ́kọ̀dá. Ó tún ń ta púpurú díẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, a bá a ka ohun tó ní:

- Owó tó wà lọ́wọ́: ₦60,000
- Owó tó wà ní bánkì: ₦140,000
- Epo, kẹ́ẹ̀gì 20, tó ra ní ₦30,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦600,000
- Púpurú tó wà nílẹ̀: ₦50,000
- Owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́: ₦150,000
- Èésú tó ti dá, tí kò tíì kó: ₦100,000
- Ọ̀kadà: ₦500,000

Àpapọ̀ dúkìá jẹ́ ₦1,600,000. Ó jẹ àwọn tó ń fún epo ní ₦180,000, ó sì jẹ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ₦200,000. Gbèsè jẹ́ ₦380,000. Ojú owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí: ₦1,220,000.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi èésú, torí ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ṣubú sí jù. Àwọn mẹ́wàá ló ń dá a, ₦20,000 lóṣù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nítorí náà ìyá ti dá oṣù márùn-ún, ₦100,000, kò sì tíì kan án láti kó. Owó rẹ̀ ni, ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Dúkìá ni, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí oníbàárà bá jẹ ẹ́ lówó.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2025, a tún padà ka ohun tó ní:

- Owó tó wà lọ́wọ́: ₦45,000
- Owó tó wà ní bánkì: ₦210,000
- Epo, kẹ́ẹ̀gì 24, tó ra ní ₦36,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦864,000
- Púpurú: ₦66,000
- Owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́: ₦200,000
- Ọ̀kadà: ₦400,000

Àpapọ̀ jẹ́ ₦1,785,000. Àwọn gbèsè rẹ̀ ni ₦240,000 fún àwọn tó ń fún epo, ₦85,000 tó kù fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àti ₦60,000 fún èésú. Àpapọ̀ gbèsè jẹ́ ₦385,000. Ojú owó ìparí ọdún wá jẹ́ ₦1,400,000.

Ohun mẹ́ta nínú àkọsílẹ̀ kejì yìí fẹ́ àlàyé.

Àkọ́kọ́, ìwé gbèsè ìyá sọ pé àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní ₦230,000. Ṣùgbọ́n ₦30,000 nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti kó kúrò ní ìlú láti oṣù kẹta, tí fóònù rẹ̀ ò sì lọ mọ́. Gbèsè tí a ò retí mọ́ kì í ṣe dúkìá. A yọ ọ́.

Ìkejì, ọ̀kadà ti fi ọdún kan gbó sí i. A ṣírò pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, a sì pín ₦500,000 sí márùn-ún. Ìdá kan, ₦100,000, ti lọ. Kò sí ẹni tí ìyá san owó yìí fún, síbẹ̀ ìnáwó òwò ni, nítorí ọ̀kadà á kú lọ́jọ́ kan, èrè àwọn ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ló sì yẹ kó ra òmíràn.

Ìkẹta ni èésú, tó ti yí padà di gbèsè. Àkọ́dá ti parí ní oṣù karùn-ún, ìyá sì ti kó tirẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà. Lọ́tẹ̀ yìí, oṣù kẹsàn-án ló kó ₦200,000. Títí di ìparí ọdún, oṣù méje ló ti dá, ₦140,000. Ó ṣì ku oṣù mẹ́ta tí yóò dá, ₦60,000, owó yẹn sì ti wọ inú òwò rẹ̀ tipẹ́. Èésú kan náà ni, ẹgbẹ́ kan náà ni. Ṣáájú kíkó, dúkìá ni, lẹ́yìn kíkó, gbèsè ni. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọlọ́jà ni: "Èló lẹ ti dá, èló lẹ ti kó?" Iye tí ẹ̀kan bá fi ju èkejì lọ ni ẹ ó kọ sílẹ̀.

Ohun tí ìyá yọ jẹ, àti ohun tó fi kún un

Láàárín ọjọ́ méjèèjì, ojú owó fi ₦180,000 lé sí i. Tí a bá dúró síbẹ̀, a ó ní èrè ọdún kan jẹ́ ₦180,000. Lóòótọ́, ojú báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń wo òwò ìyá wọn: wọ́n rí i pé owó ò pọ̀ ní bánkì, wọ́n ní kó fi òwò náà sílẹ̀ kó wá jókòó ti àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a parí ìṣirò ná.

A bi í léèrè ohun tó ń mú nínú owó ọjà. Ó ní òun máa ń mú ₦15,000 lọ́sẹ̀ fún ìtọ́jú ilé. Ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ ₦780,000. Owó ilé-ìwé àbígbẹ̀yìn rẹ̀ fún ọdún náà jẹ́ ₦210,000. Púpurú tí wọ́n ń jẹ nílé tó ₦1,000 lọ́sẹ̀, ₦52,000 lọ́dún. Epo wá ńkọ́? Ìyá ní, "Epo kẹ̀? Ti wa ni, a kì í rà á." Ìdáhùn yẹn gan-an ni kí ẹ máa retí. Kẹ́ẹ̀gì kan ń tán nílé rẹ̀ lóṣù méjì-méjì. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lọ́dún, ní ₦33,000 tó jẹ́ iye tó ń rà wọ́n láàárín ọdún, jẹ́ ₦198,000. Gbogbo ohun tó yọ jẹ wá di ₦1,240,000.

Owó tuntun kan ṣoṣo ló wọlé. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó fi ₦150,000 ránṣẹ́ ní oṣù kẹrin, ó sì fi ra epo. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò sí lára èyí, nítorí pé a ti kà á sí gbèsè. Ẹ má kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a kó o pọ̀:

- Ojú owó ìparí: ₦1,400,000
- Yọ ojú owó ìbẹ̀rẹ̀: ₦1,220,000
- Ó kù: ₦180,000
- Fi ohun tó yọ jẹ kún un: ₦1,240,000
- Ó di: ₦1,420,000
- Yọ owó tuntun: ₦150,000
- Èrè ọdún 2025: ₦1,270,000

Èrè tó ju mílíọ̀nù kan lọ ló wà nínú òwò tí àwọn ọmọ rò pé kò mú nǹkan wá. Wọn ò rí i nítorí pé wọ́n jẹ ẹ́ tán: inú ìkòkò ọbẹ̀ àti ilé-ìwé àbúrò wọn ni èrè náà wà. Owó oṣù tó kéré jùlọ tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000, ìyẹn ₦840,000 lọ́dún. Tí ìyá bá pa ṣọ́ọ̀bù tì lọ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ₦430,000 ni yóò pàdánù lọ́dún. Ṣé ẹ rí i pé ìṣirò yìí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan?

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Ibi tó léwu jù ni àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Dúkìá tí a bá gbàgbé níbẹ̀, ńṣe ló máa ń farahàn ní ìparí bí èrè. Ká ní a gbàgbé èésú ₦100,000 ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ojú owó ìbẹ̀rẹ̀ á di ₦1,120,000, èrè á sì gùn dé ₦1,370,000, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ò ta kẹ́ẹ̀gì kan lé e. Tó bá jẹ́ gbèsè la gbàgbé ní ìbẹ̀rẹ̀, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀, èrè á dínkù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn agbowó-orí ibẹ̀ máa ń lo ọ̀nà yìí kan náà láti mú ẹni tí wọ́n bá fura pé ó fi èrè pamọ́: wọ́n á ka dúkìá rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọdún, wọ́n á fi ìnáwó rẹ̀ kún un. Nínú ẹjọ́ Họ́láǹdì ní ọdún 1954, tọkọtaya tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sọ pé àwọn ti ní owó púpọ̀ nípamọ́ tẹ́lẹ̀ tí ìjọba ò kà mọ́ dúkìá ìbẹ̀rẹ̀ àwọn. Ilé-ẹjọ́ ò gba ọ̀rọ̀ wọn, ó fìdí ìdálẹ́bi múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún ìjọba pé ó gbọ́dọ̀ fi ìdánilójú tó mọ́gbọ́n dání fi iye ìbẹ̀rẹ̀ hàn, àti pé tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá tọ́ka sí ibi tí owó ti wá, kí wọ́n lọ yẹ ibẹ̀ wò. Ohun tí ìyá elépo náà gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ nìyẹn: àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tó ní ọjọ́ lórí.

Lábẹ́ òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, kò sí owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí a ń bu owó-orí lé; ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti èyí tó tẹ̀ lé e. Tí irú àṣìṣe èésú yẹn bá wáyé ní ọdún tí òfin yìí bá kàn, ₦100,000 tí kì í ṣe èrè á mú kí ìyá san ₦15,000 tí kò jẹ.

Ibi kejì ni iye tí a ń kọ sí ọjà tó wà nílẹ̀. Ìyá máa ń fẹ́ fi iye tó fẹ́ tà á ka epo rẹ̀. Ká ní ₦42,000 ló ń ta kẹ́ẹ̀gì kan. Kẹ́ẹ̀gì 24 á fi ₦144,000 wúwo sí i, èrè á sì fi iye kan náà ga. Ṣùgbọ́n epo yẹn ṣì wà nílẹ̀; ẹnikẹ́ni ò tíì rà á. Iye tí a fi rà á ni kí a kọ, àyàfi tí ọjà náà bá ti bàjẹ́ tàbí tí owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ lọ́jà débi pé a ò ní rí iye yẹn mọ́. Nígbà náà, iye tó kéré la ó kọ. Púpurú tó ti hu ẹbu, òfo ni.

Ibi kẹta ni ohun tí ọlọ́jà yọ jẹ, nítorí pé orí ìrántí ló dúró lé. Ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gba ìwé bánkì rẹ̀, kí ẹ wo gbogbo tiransifá tó jáde, kí ẹ sì bi í pé ta ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí owó tí kì í ṣe ti ọjà, tí kì í ṣe ti gbèsè òwò, ohun tó yọ jẹ ni. Àṣìṣe ibí yìí kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Tí a bá ka ọjà tó wà nílẹ̀ kéré jù ní ìparí ọdún yìí, iye yẹn náà ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, èrè tó sọnù nínú ọdún kìíní á sì yọjú nínú èkejì. Ṣùgbọ́n owó tí ìyá ná tó gbàgbé, kò níbi tí yóò ti padà wá.

Ohun tí ọ̀nà yìí ò lè sọ

Ó ń sọ iye èrè, kò sọ bí èrè náà ṣe wá. Nínú ₦1,270,000 yẹn, a ò mọ ti epo, a ò mọ ti púpurú, a ò mọ iye tó tà lápapọ̀ tàbí iye tó san fún pẹtiróòlù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ títà, rírà àti ìnáwó sílẹ̀.

Kò sì mọ̀ pé náírà ń yí padà. Ẹ tún wo epo náà. Láti ní kẹ́ẹ̀gì 20 nílẹ̀, ₦600,000 tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní ìparí, ₦720,000 ni. Ìyá nílò ₦120,000 sí i kó tó lè dúró sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ohun tó yọ jẹ, ₦30,000 péré ni èrè rẹ̀ fi kún ojú owó. Ọmọ rẹ̀ l'Ékòó ló fi ₦150,000 ìyókù kún un. Nínú ìwé, èrè ló jẹ. Nínú ọjà, ó ti fi ₦90,000 bu ojú owó jẹ, owó ọmọ ló sì dí i.

Nítorí náà, èsì méjì ni àwọn ọmọ ní láti gbọ́. Òwò ìyá yín ń pa owó, ẹ má ní kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lọ́sẹ̀ ti pọ̀ díẹ̀ ju ohun tí òwò lè gbé: tó bá jẹ́ ₦13,000 ló ń mú dípò ₦15,000, ₦104,000 á dúró nínú òwò lọ́dún, èyí á sì dí ihò ₦90,000 náà láì dúró de owó Èkó. Kí ẹ sì bá a ka ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọdún bá parí. Ìwé kan ṣoṣo tó, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀, torí ìparí ọdún yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó ń bọ̀.